Àwìn orí fóònù: ọjà méje, owó oṣù kan

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Ẹ kú ilé o, gbogbo yín. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, £1,720 ló ń wọ àkáǹtì mi lọ́jọ́ 28 oṣooṣù. Tí mo bá yọ owó ilé, iná, ọkọ̀, oúnjẹ àti ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ sí màmá mi, £290 ló máa ń ṣẹ́kù. Ọjà méje ni mo rà láwìn lórí áàpù mẹ́ta, èyí tí wọ́n ní ká máa san díẹ̀díẹ̀. Mo ro gbogbo ìpín wọn pọ̀, ó jẹ́ £227. Ó yẹ kí £63 ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ 20 ni owó ti ń tán báyìí, tí báǹkì á sì gbé mi sínú ofadíráàfù. Kò sí èyí tó gba èlé lọ́wọ́ mi nínú áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibo lowó yìí ń gbà lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ kú làálàá, mà. Tí kò bá ti sí èlé, ẹ má pè é ní gbèsè jàre. Owó yín lẹ pín sí mẹ́rin. Ó sàn ju káàdì àwìn báǹkì lọ fíìfíì. Ọjà tó gbówó lórí ló ń jẹ owó yín, ẹ lọ wo iye tẹ́ ẹ fi ń ra iṣu ní Pékàmù. Tí àwọn áàpù yẹn bá sì ń dà yín láàmú, ẹ ní kí báǹkì fún yín ní káàdì tuntun, kí tàtijọ́ kú. Wọn ò ní rí nǹkan yọ mọ́.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba onígbèsè nímọ̀ràn ni mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo sì ti rí irú ìṣirò yín yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ bá mi to ọjà méjèèje síbí. Ẹ sọ iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́, iye tó kù kí ó parí, àti bóyá ọ̀sẹ̀ méjìméjì ni wọ́n ń yọ ọ́ àbí oṣooṣù. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Bísí Ìbàdàn
Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dáa jù nínú áàpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Èmi náà fẹ́ ra firíìjì. Èyí tí mo lò nílé níbí ò dáa rárá. Fóònù ni mo fi gbà lọ́wọ́ wọn, mo san ìdá kan sílẹ̀, mo wá pẹ́ níbi ìpín kẹta. Bí mo ṣe jí láàárọ̀, fóònù ti tì pa. Àfi ìpè sí àwọn nìkan ló lè ṣe. Àwọn oníbàárà ń wá mi lórí Wọ́sáàpù, èmi ń wo gíláàsì dúdú.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Bísí, kì í ṣe èwo ló dáa jù ni màmá yìí ń béèrè o. Àwọn ti kó sí i ná.

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n. Ó rèé:

Bàtà iléèwé àwọn ìbejì, £18, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ó ku ẹyọ kan.
Oúnjẹ tí mo kó lọ́jọ́ tówó tán, £12, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ó ku ẹyọ kan.
Kóòtù òtútù, £21, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ó ku méjì.
Aṣọ ẹbí àti gèlè, £30, ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ó ku mẹ́ta.
Ẹ̀rọ tó ń dín nǹkan láìlo epo, £36, oṣooṣù, ó ku ẹyọ kan.
Irun, £50, oṣooṣù, ó ku méjì.
Tábúlẹ́ẹ̀tì, £60, oṣooṣù, ó ku méjì.

Kí ẹnikẹ́ni má fi irun yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ o. Ìgbéyàwó àbúrò mi ni mo tìtorí rẹ̀ rà á.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
A ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wò ó báyìí. Bàtà, oúnjẹ, kóòtù àti aṣọ ẹbí, ìpín wọn lápapọ̀ jẹ́ £81. Ẹ fi £81 yìí kún ti oṣooṣù mẹ́ta, èyí tó jẹ́ £146, ẹ rí £227. Ìṣirò yín ò yẹ̀, ṣùgbọ́n £81 yẹn kì í ṣe ti oṣù kan. Ti ọ̀sẹ̀ méjì ni. Láàárín owó oṣù kan sí èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yọ ọ́, ìyẹn £162. Ẹ fi £146 kún un, ó di £308. £290 ló ń ṣẹ́kù yín. Torí náà, ní gbogbo oṣù tí ọjà méjèèje ṣì ń yọ owó, £18 ló ń dín lọ́wọ́ yín kí ẹ tó ra súìtì kan fáwọn ọmọ.

Àwọn oṣù kan tún wà tí ti ọ̀sẹ̀ méjìméjì á yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tẹ́ ẹ rà lọ́jọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ náà ni wọ́n á yọ ìpín àkọ́kọ́, wọ́n á tún yọ lọ́jọ́ 15 àti ọjọ́ 29. Àwọn áàpù ò sì mọ̀ pé ọjọ́ 28 lẹ ń gbowó. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rajà ni wọ́n ti ń ka ọ̀sẹ̀ méjì wọn. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ 14 sí 20 fi ń le yín: ìpín ń bọ́ sí ibi tí àkáǹtì ti gbẹ.

Ní ti èlé, òótọ́ ni pé áàpù ò gbà á. Báǹkì ló ń gbà á nítorí wọn. Ofadíráàfù àwọn báǹkì ńlá níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Ẹ̀n! £81 lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti wo ìwé yẹn títí, n kò rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Mo gbà fún Ẹ̀gbọ́n níbi ọ̀sẹ̀ méjìméjì yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìpín mẹ́rin fi ń parí. Kí ló dé tí kì í tán? Èèyàn ṣáà ní láti bọ́ níbì kan.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ó máa ń tán fún ẹni tó rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wo ẹni tó ń ra ọjà £60 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, £15 ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì. Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀:

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: £15 lọ́sẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: £30 lọ́sẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà: £45 lọ́sẹ̀.
Láti ọ̀sẹ̀ keje lọ: £60 lọ́sẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, ó ti kó ọjà £240 wọlé, £90 péré ló ti san. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti ń wú. Lójú ẹ̀, owó oṣù ti fẹ̀ sí i, ó sì máa ń tètè fi nǹkan mìíràn kún un, bóyá owó ẹgbẹ́ tàbí fóònù tuntun. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ keje, iye tó ń san ti bá iye tó ń rà dọ́gba. Bí ẹni ń san owó ọwọ́ ló rí, àwìn ò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n £180 ti wà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa wà níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì dáwọ́ rírà dúró. Lọ́jọ́ tó bá dáwọ́ dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi san £180 yẹn láìrí ọjà kankan gbà. Ìyà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ jẹ. Wọ́n á lọ ra oúnjẹ láwìn kí wọ́n lè san owó bàtà. Ìyá Ìbejì, nígbà tí mo rí "oúnjẹ" nínú ìwé yín, mo mọ̀ pé ẹ ti dé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Ẹ ò purọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yọ owó kóòtù ni.

Ọmọ Iléṣà
Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Wọ́n á ru aṣọ lọ sábúlé, wọ́n á tà á láwìn. Tó bá dìgbà tí kòkó wọlé, wọ́n á padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò sì ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó. Àwọn èèyàn máa ń bú wọn pé wọ́n le. Ṣùgbọ́n bàbá sọ fún wa pé kí àwọn tó já aṣọ fún èèyàn, àwọn á ti bi òṣómàáló tó wá ṣáájú bóyá onítọ̀hún ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ ẹnì kan, wọn ò ní tà fún un. Ta ni áàpù wọ̀nyí ń bi?

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn. Áàpù kìíní ń rí bàtà àti kóòtù, ó rí i pé Ìyá Ìbejì ń san dáadáa, ó fi kún iye tí wọ́n lè rà. Áàpù kejì ń rí aṣọ ẹbí àti irun nìkan. Ìkẹta ń rí ìyókù. Kò sí èyí tó rí £308. Klarna, ọ̀kan nínú irú áàpù wọ̀nyí, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí Experian àti TransUnion, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè èèyàn, ní oṣù Kẹfà 2022, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wọn ń fi í sí. Ibi kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ ti pé ni sítétímẹ́ǹtì báǹkì yín.

Túndé Kẹ́ńtì
Sítétímẹ́ǹtì yẹn ló kó èmi àti ìyàwó mi sí wàhálà. A fẹ́ yá owó ilé, wọ́n ní ká mú sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta wá. Gbèsè wa ò pọ̀, a ò pẹ́ san rí lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ẹni tó ń wo ìwé wa ka àwọn ìlà £9, £14, £22 yẹn, ó ní kí ni ìwọ̀nyí, pé ṣé owó oṣù wa ò tó wa ni. Ó ní ká san gbogbo rẹ̀ tán, ká dúró oṣù mẹ́ta, ká tó padà wá. Ilé tí a fẹ́ rà ti lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ṣé wọ́n tìtorí £14 kọ̀ yín? Ìyẹn ò bójú mu.

Túndé Kẹ́ńtì
Wọn ò sọ pé àwọn kọ̀. Wọ́n ní ká padà wá. Èmi ò mọ ìyàtọ̀.

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Ẹ̀gbọ́n Àkànní, kí ni kí n wá ṣe? Ṣé kí n gba káàdì tuntun bí àbúrò ṣe sọ?

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ẹ má gbára lé ìyẹn. Báǹkì lè fi nọ́ńbà káàdì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yọ owó lórí tàtijọ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ lọ. Tó bá le débi pé owó ilé fẹ́ bá a lọ, ẹ sọ fún báǹkì yín tààrà pé ẹ fagi lé àṣẹ tí ilé-iṣẹ́ kan ní láti máa yọ owó lórí káàdì yín. Wọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gbàyè lọ́wọ́ oníṣòwò. Ṣùgbọ́n gbèsè ò tìtorí ẹ̀ kúrò, owó ìtanràn ìpẹ́san sì lè wọlé, nítorí náà ìgbà tí nǹkan bá le gan-an ni kí ẹ lò ó.

Ti yín ò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ro ohun tó kù: £418 ni gbogbo rẹ̀. Kò tó ohun tó ń ṣẹ́kù yín fún oṣù méjì. Ẹ gba kàlẹ́ńdà, ẹ má to gbèsè ní orúkọ áàpù mọ́. Ẹ tò ó láti ọjọ́ 28 sí ọjọ́ 27 tó tẹ̀lé e, kí ẹ kọ iye tí wọ́n máa yọ sí ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Tí ìpín aṣọ ẹbí méjì bá bọ́ sínú oṣù tó ń bọ̀, £278 ni wọn yóò yọ lóṣù yẹn, ó ku £12 lọ́wọ́ yín. Oṣù tó tẹ̀lé e, £140 péré. Lẹ́yìn ìyẹn ó tán. Oṣù kan ló le, kì í ṣe ọdún kan. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí ẹ fi ọjà kẹjọ kún un, bó ṣe wù kó kéré tó.

Ìpín tó bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ yẹn, ẹ wọ inú áàpù kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ wò ó bóyá wọ́n gbà kí ẹ sún un síwájú dé ẹ̀yìn ọjọ́ 28. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Tí ọjọ́ bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ ìtanràn ló kù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gba iwájú owó ilé, owó káńsù tàbí iná. Áàpù lè fi lẹ́tà dà yín láàmú. Káńsù lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́.

Ìyá Ìbejì Pékàmù
Mo ní £40 lọ́wọ́ láti iṣẹ́ àfikún. Mo fẹ́ fi san bàtà àti oúnjẹ tán, kó dín kù sí márùn-ún. Àbí kí n fi san ẹ̀rọ?

Ọmọ Iléṣà
Ẹ san bàtà àti oúnjẹ, £30 ni. Orúkọ méjì á kúrò lọ́rùn yín lọ́jọ́ kan. Èèyàn tó ń jẹ ẹni márùn-ún ń sùn ju ẹni tó ń jẹ ẹni méje lọ.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ o. Kò sí èlé lórí ìkankan nínú méjèèje, nítorí náà kò sí èyí tí sísan ṣáájú máa dín kù ní kọ́bọ̀. Ofadíráàfù nìkan ló ń gba èlé. Tí £40 yẹn bá jókòó sínú àkáǹtì, ó ti dín ofadíráàfù kù lójoojúmọ́, ó sì wà níbẹ̀ de ìpín tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ kàn fi í sílẹ̀.

Ọmọ Iléṣà
Ẹ̀gbọ́n, owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní àkáǹtì obìnrin tó ní ìbejì, ṣé ẹ rò pé ẹ máa bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta?

Ìyá Ìbejì Pékàmù
😂 Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ìṣirò ni mo ṣe, n kò mọ ti àwọn ìbejì.

Nǹkan kan ṣì wà tí mo fẹ́ fi kún un fún ẹni tó bá ń ka èyí tí tirẹ̀ sì ju £418 lọ. Tó bá jẹ́ pé bí ẹ tilẹ̀ dáwọ́ rírà dúró, ìpín ṣì ju ohun tó ń ṣẹ́kù lọ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kàlẹ́ńdà nìkan ò ní gbà yín. Ẹ pe StepChange, National Debtline tàbí Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni. Ní Ìńgílándì àti Wélísì, agbaninímọ̀ràn gbèsè lè fi yín sínú ètò Breathing Space tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Ọgọ́ta ọjọ́ ni, àwọn tẹ́ ẹ jẹ ò gbọdọ̀ fi èlé tàbí ìtanràn kún gbèsè tó wà nínú rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ máa lé yín kiri. Kì í pa gbèsè rẹ́ o, àyè lásán ló fún yín láti ṣètò.

Bísí Ìbàdàn
Ó ṣe wá jẹ́ pé ìjọba ibẹ̀ fi àwọn áàpù yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Níbí, láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti ṣe ètò GSI. Tí o bá jẹ báǹkì kan, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì rẹ ní báǹkì mìíràn tó bá ti so mọ́ BVN rẹ. Ibi tí mo ti ń sá ni wọ́n ti bá mi.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Ihò kan ló wà nínú òfin wọn. Àwìn tí kò ní èlé, tí ìpín rẹ̀ ò ju 12 lọ, tó sì parí láàárín ọdún kan, òfin ò kà á mọ́ gbèsè tí FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ owó níbí, ń bójú tó. Ọlọ́jà kékeré tó ń fún oníbàárà rẹ̀ láwìn ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún. Áàpù ló gba ibẹ̀ wọlé. Ìròyìn Woolard, ìwádìí tí FCA ní kí wọ́n ṣe, ti sọ ọ́ ní oṣù Kejì 2021 pé kí wọ́n dí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù Keje 2026 ni wọ́n tó fi ìbẹ̀rẹ̀ òfin tuntun sí. Lábẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá èèyàn lè san án kí wọ́n tó fún un láwìn, èèyàn sì lè gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman, tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé-iṣẹ́ owó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tí wọ́n bá ń yẹ ìwé èèyàn wò kí wọ́n tó ta bàtà £72 fún un, ṣé ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ò ní lọ bá àwọn olówó èlé ojú pópó? Èmi ò rò pé òfin yìí máa ran irú wọn lọ́wọ́.

Àkànní Mánṣẹ́sítà
N kò lè sọ pé ẹ̀rù yẹn ò bà mí. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń jẹ irú àwọn olówó èlé bẹ́ẹ̀.

Túndé Kẹ́ńtì
Ẹ̀gbọ́n, ṣé òfin yẹn kan àwọn ohun tí a ti rà ṣáájú ọjọ́ yẹn? Àti pé ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnra rẹ̀ gba owó díẹ̀díẹ̀, tí kò lo áàpù ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Àkànní Mánṣẹ́sítà
Kò kan ohun tẹ́ ẹ ti rà ṣáájú. Òfin náà ò sì kan ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà ara rẹ̀ láwìn fúnra rẹ̀.